Àṣírí Tí Lorna Tú, Àti Èyí Tó Gbé Mì

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí ò gba ariwo. Lorna Petrakis ti darúgbó sẹ́nu iṣẹ́ gbígba àwọn tí ọkàn wọn dàrú nímọ̀ràn, ní Stockton, ní Kalifọ́níà. Ó ti gbọ́ ìdọ̀tí lónírúurú. Ṣùgbọ́n ti Dwight Hulett yìí, rírùn ló ń rùn. Á jókòó, á máa bó ẹ̀pà, á máa da èèpo ẹ̀ sínú ife kọfí. Ó ti fẹ̀rín sọ bó ṣe ń bá ìyàwó àbúrò ara ẹ̀ sùn. Ọ̀rọ̀ náà rí Lorna lára, ṣùgbọ́n ó gbé e mì, kò sọ fẹ́nì kan. Pé ọ̀rọ̀ kan ń rí èèyàn lára kọ́ ni kéèyàn fi tú u.

Lọ́jọ́rú yẹn, Dwight tún dé pẹ̀lú ẹ̀pà.

"Màdáàmù, ẹ gbọ́ o. Yesenia ti jẹun ayé ẹ̀ tán."

Yesenia nìyàwó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé.

"Kí lo ní lọ́kàn?"

"Ìbọn mi wà nínú ọkọ̀. Lọ́la, tó bá ti já àwọn ọmọ tán, màá dúró dè é níbi tí wọ́n ń páàkì bọ́ọ̀sì."

"Jẹ́ ká gbé ìbọn yẹn kúrò lọ́wọ́ ẹ. Tàbí ká jọ lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí."

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ara mi le."

"A jẹ́ pé màá sọ fún Yesenia. Màá sì pe ọlọ́pàá."

Ẹ̀pà dúró lẹ́nu Dwight. "Ẹ máa ṣe kí ni? Ṣebí bí ìjẹ́wọ́ lọ́dọ̀ fádà ni. Èmi á sọ, ẹ̀yin á panu mọ́."

"Èmi kì í ṣe fádà. Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ wá, mo sọ fún ẹ pé tó o bá fẹ́ pa ẹnì kan, mi ò ní bò ó. O ní o ti gbọ́."

"Mo rò pé ẹnu lásán ni. Ìwọ ìyá arúgbó ọ̀dàlẹ̀ yìí."

Ó tu ẹ̀pà sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Lorna ò tíì nu ilẹ̀ tó fi pe Yesenia. "Èmi Lorna tó ń gba Dwight nímọ̀ràn ni. Ó ní òun máa fìbọn pa ẹ́ lọ́la níbi tẹ́ ẹ ń páàkì bọ́ọ̀sì. Má lọ síbẹ̀, má sì sùn sílé. Ọlọ́pàá ni mo fẹ́ pè báyìí."

Yesenia bi í. "Kí ló tún sọ nípa mi?"

"Ohun tó kan ẹ̀mí ẹ ni mo sọ yẹn, ọmọ mi. Jáde nílé."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọlọ́pàá kan wọ ọ́fíìsì Lorna wá, ó fara ti tábìlì.

"Màmá, a ti mú un nílé epo. Ìbọn wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀ lóòótọ́. Àwọn aládùúgbò ní ó ń bá ìyàwó àbúrò ẹ̀ ṣe wọlé-wọ̀de. Ó máa ti sọ fún yín."

Lorna wò ó bí ẹni rí ìdin nínú ọbẹ̀. "Ohun tó lè pa Yesenia ni mo fún yín. Kò sí míì."

"Ṣé ẹ fẹ́ràn ẹ̀ ni?"

"Mo kórìíra ẹ̀ débi pé mi ò lè jẹ ẹ̀pà mọ́. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ yín."

Ó da èèpo inú ife yẹn sínú ike ìdọ̀tí, ó gbé báàgì ẹ̀ kọ́pá, ó bá ọ̀nà ilé ẹ̀ lọ.