Ọ̀rọ̀-Mi-Ò-Pọ̀ àti Ìlà Kan Lára Pátákó

Lọ́jọ́ àṣekágbá ife àwọn òṣìṣẹ́, balógun ikọ̀ ilé ìtẹ̀wé dìde láàárín yàrá ìmúra, ó na ọwọ́ sókè, ó la ẹnu, kò sì sí ohùn kankan tó jáde. Ó tún ẹnu là. Èémí lásán ni. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wo ara wọn lójú. Ẹni tó mọ inú rò láàárín wọn dorí kodò, kí balógun má bàa rí i pé ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Orúkọ tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń pe balógun ni Ọ̀rọ̀-Mi-Ò-Pọ̀, nítorí bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀." Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á wá ibi jókòó sí. Iṣẹ́ bébà gígé ló ń ṣe nídìí ẹ̀rọ ńlá kan tó ń pariwo látàárọ̀ dalẹ́, bóyá ìyẹn ló fà á tó fi rò pé bí òun ò bá pariwo, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ òun.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù ni aṣọ́lé wọn, ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lójú ilé, tí wọ́n ń pè ní Alámì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ka gbogbo ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó fi báírò pupa wá àṣìṣe, kó sì fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ. Ọkùnrin tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò ni. Ó ti ṣàlàyé fún balógun láìmọye ìgbà bó ṣe yẹ kí balógun sọ̀rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kọ́ọ̀ṣì ti sọ bí a ṣe máa gbá a. Ẹ̀yin ò gbọ́dọ̀ mú ètò tuntun wá. Ìṣẹ́jú méjì péré, ohun kan tàbí méjì tí wọ́n máa rántí, bí a ṣe máa ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ wo oníkálukú lójú. Lẹ́yìn náà ká pa ọwọ́ pọ̀, ká jáde kí ara tó tutù."

"Òótọ́ lo sọ," balógun á dáhùn. "Ìṣẹ́jú méjì yẹn gan-an ni mo máa ń lò."

Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún tó ṣáájú àṣekágbá yìí, ó lo ìṣẹ́jú méjì yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti sáré níta kí ara wọn lè gbóná, òógùn ti bò wọ́n, ni wọ́n bá jókòó gbọ́ ìtàn bí balógun ṣe kọ́kọ́ wọ bàtà bọ́ọ̀lù nígbà tó wà ní kékeré, ẹsẹ̀ ọ̀tún ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ní tirẹ̀. Òógùn gbẹ mọ́ wọn lára. Rẹfirí kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta ó sọ fún wọn pé bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí òfin ìdíje fún wọn lẹ́yìn àkókò ìbẹ̀rẹ̀ eré bá pé láìjáde, òun á kọ góòlù mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn tó ń dúró de wọn. Wọ́n sáré jáde ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá. Ní ìṣẹ́jú kẹta eré, awakọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbá iwájú nasẹ̀ tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ tó ti tutù sì fà. Wọ́n fi àga gbé e jáde. Balógun bá a rìn dé ẹ̀gbẹ́ ìlà, ó ń gbà á níyànjú lọ.

Nítorí náà, nígbà tí àṣekágbá dé, ọ̀gá àgbà ilé ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀ wá sí ìdí ẹ̀rọ. Ọ̀gá yìí kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù rẹ̀ fi ń bani.

"Ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù yìí fún ọdún méjìlá," ó ní. "Ẹ ò gba ife kankan. Bí ẹ ò bá gba tọdún yìí, mo máa tú ikọ̀ yín ká, mo sì máa kọ́ ilé ìkóbébà sórí pápá yín tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì."

Gbogbo ènìyàn ló gbọ́. Balógun nìkan ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ara rẹ̀. Kò ní ọmọ, kò fẹ́ràn ijó, kò sí ẹgbẹ́ tó ń lọ. Pápá yẹn àti àwọn mọ́kànlá yẹn ni gbogbo ohun tó ní lẹ́yìn iṣẹ́ àti ìyàwó rẹ̀. Ó wá pinnu pé ọ̀rọ̀ tí òun máa sọ lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ kọjá gbogbo èyí tí òun ti ń sọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń kọ́ ọ sórí lẹ́bàá ẹ̀rọ ìgébébà, ó sì ń pariwo ju ẹ̀rọ lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ohùn balógun ló lọ.

Bó ṣe di pé ó dúró síwájú wọn tó ń la ẹnu lásán nìyẹn. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá mú ẹfun tí kọ́ọ̀ṣì fi ya àwòrán eré, ó sì kọ lẹ́tà gàgàrà sára pátákó pé: E MA SARE. Ó sọ ẹfun sílẹ̀, ó lu àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sí àmì kan lórí rẹ̀. Alámì wò ó, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Ó ti bá ọkùnrin yìí jà lórí àmì títí ó fi sú u. "Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ò nílò àmì," ni balógun máa ń sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n," Alámì ní, "ṣé 'ẹ má sáré' ni àbí 'ẹ máa sáré'?"

Balógun mi orí, bẹ́ẹ̀ ni.

"Èwo nínú méjèèjì?"

Balógun tún mi orí, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lóye ẹ̀kọ́.

Nígbà tí kò ti rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó di èjìká adìwé mú, ọkùnrin tó ń di ìwé pọ̀ nílé iṣẹ́, tó sì ń ṣọ́ ẹ̀yìn lórí pápá, ó wò ó lójú, ó fi ìka fa ìlà kan sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ibí lo wà. Ó gbá itan awakọ̀, itan tó fà lọ́jọ́sí, ó sì mi orí pé ó ti jinná. Ó di ọwọ́ Alámì méjèèjì mú, kò tètè fi í sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ láàárín, wọ́n ké lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jáde, ara wọn ṣì gbóná. Rẹfirí wo aago rẹ̀, ó rò pé ó ti dúró.

Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí Alámì fi mọ̀ pé ìdajì ikọ̀ kà á sí "má", ìdajì kà á sí "máa". Adìwé àtàwọn ẹ̀yìn dúró gbagidi lójú ìlà wọn. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, wọn ò sá padà. Awakọ̀ àtàwọn iwájú ń sáré tọ gbogbo ohun tó bá mira, títí kan rẹfirí.

"Ẹ sá padà," Alámì ké láti ojú ilé.

"Balógun ní ká má sáré," adìwé dá a lóhùn láìwẹ̀yìn.

Àwọn ará ilé iṣẹ́ omi, tí wọ́n ń bá wọn gbá a, yára lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n á sáré gba ẹ̀yìn adìwé kọjá kí ẹni tó ní bọ́ọ̀lù tó gbá a fún wọn, bẹ́ẹ̀ adìwé ò tẹ̀lé wọn. Adájọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlà á gbé àsíá sókè: ọfusáìdì. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí abala àkọ́kọ́ tó parí. Kọ́ọ̀ṣì ilé iṣẹ́ omi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn tó jókòó tì í pé ẹni tó kọ́ àwọn ẹ̀yìn yìí mọ iṣẹ́ gidi.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí eré parí, awakọ̀ tún sáré tọ aṣọ́lé ilé iṣẹ́ omi, níbi tí èèyàn tó bá ní làákàyè á ti jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ba aṣọ́lé náà, ó yára gbá a, bọ́ọ̀lù lu awakọ̀ ní àyà, ó sì yí gbirigbiri wọ ilé. Góòlù kan sí òdo. Pápá bọ́ lọ́wọ́ ilé ìkóbébà.

Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì kí ohùn balógun tó padà. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ fi sọ ni pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ni. "Àwọn ẹ̀yìn ni mo sọ pé kí wọ́n má sáré. Àwọn iwájú ni mo sọ pé kí wọ́n máa sáré. Ìlà kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì. Tí mo bá fi àmì sí i, mo ti bà á jẹ́." Ó fi wákàtí kan àti díẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Alámì gbé báírò pupa rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tó yá, orúnkún balógun ò gbà á mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó ṣì máa wá bá àwọn sọ̀rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé kó má wá? Ó sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó kú lọ́jọ́rú, lẹ́yìn tó ti sọ fún dókítà pé ọ̀rọ̀ òun ò pọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pe Alámì lẹ́yìn ìsìnkú. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ló gbé lé e lọ́wọ́, tí etí rẹ̀ ti ká.

"Ohun tó ń kọ kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn," ó ní. "Èmi ò rí ọwọ́ rẹ̀ kà. Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé."

Alámì jókòó sórí àga ìjẹun, ó ṣí i. Orúkọ wọn ló wà níbẹ̀, eré lọ́kan-ò-jọ̀kan. Níwájú awakọ̀: ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò rí oorun sùn, má bínú sí i. Níwájú adìwé: ó ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀. Níwájú orúkọ tirẹ̀, ọdún dé ọdún, ohun kan náà ló wà níbẹ̀, láìsí àmì kankan: "Owo Alami n gbon. Soro titi yoo fi dake."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá a lójú pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbólóhùn náà ṣe é kà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lóòótọ́, kí gbogbo eré tó bẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ tó ti ń ṣọ́lé. Ó rò pé ìbọ̀wọ́ bò ó. Kò sọ fún ìyàwó tirẹ̀ pàápàá.

"Kí ló kọ?" opó náà bi í.

"Ó kọ nípa eré," Alámì dáhùn. Ó gbé ìwé náà bojú, ó ń sunkún, kò sì dá a dúró.

Nígbà eré tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí Alámì sọ̀rọ̀. Ó ti ṣètò ìṣẹ́jú méjì sínú bébà, gbogbo àmì pé. Ó dìde, ó sì rí aṣọ́lé tuntun tó gba ipò rẹ̀ lójú ilé, ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó fi ọwọ́ méjèèjì há àárín orúnkún rẹ̀. Alámì ká bébà náà sápò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n dá ikọ̀ náà sílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wo orúnkún ọkùnrin náà, àwọn tó kù ń wo aago ara ògiri, rẹfirí ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọwọ́ náà jáde láàárín orúnkún, tó dúró jẹ́ẹ́, ó ní ó tó.

Wọ́n fi góòlù méjì sí òdo nà wọ́n lọ́jọ́ náà. Ara àwọn iwájú ti tutù. Aṣọ́lé wọn nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù.