Ihò Ara Ewé Ṣọkọ

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, nínú oko ẹ̀fọ́ kan lẹ́yìn ojú irin ní Ìfọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Abẹ́òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Bí mo ṣe gbójú kúrò lára rẹ̀, mo rí kẹ̀kẹ́ tí mo mọ̀ dáadáa tó fara ti igi ìbẹ́pẹ, inú mi sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ará Ìbafọ̀ kan, ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ gbígba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, ló ni kẹ̀kẹ́ náà. Èmi àti ẹ̀ la jọ jáde nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, àgbàlagbà sì tètè máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kì í sọ gbólóhùn kan láìkọ́kọ́ rò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá tó ni oko ẹ̀fọ́ náà ní ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Láti oṣù Ààwẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń fẹ́ ọmọbìnrin yìí lọ́kàn, n kò sì tíì sọ fún un. Ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ lásán fi lè dùn mí bẹ́ẹ̀.

Ìyá ní, "Ọkọ mi, wá bá mi wo ṣọkọ yìí. Àwọn ará Èkó kì í ra ẹ̀fọ́ oníhò."

Kò tíì tó àkókò kíká, ewé sì ti lu jára. Ẹnìkejì mi ti gbé agolo ẹ̀tù apakòkòrò wá. Ó ní kòkòrò ajẹwé ni, àwọn tó máa ń di labalábá, kí ìyá fọ́n ẹ̀tù sí gbogbo oko ní ọjọ́ kejì.

Mo já ewé kan, mo gbé e sójú oòrùn. Àárín ewé ni ihò náà wà, láàárín iṣan ewé, kò sì sí èyí tó jọ èkejì. Níbòmíràn, ojú ewé nìkan ló ti họ, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Etí ewé kò fara gbọgbẹ́. Kòkòrò ajẹwé ní eyín tó ń gé bí àlùmọ́gàjí. Etí ewé ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, ojú ibi tó gé á tẹ̀ kọdọrọ bí ìgbà tí ènìyàn bá bu búrẹ́dì jẹ, á sì yàgbẹ́ dúdú wóróworo sílẹ̀. Ahọ́n ìgbín ní tirẹ̀ dà bí páànù tí a fi ń rin gbáàgúdá. Híha ló ń ha.

Mo ní, "Ìyá, ìgbín ló jẹ ẹ́. Ẹ̀tù yìí ò ní pa ìgbín, ẹ̀fọ́ tí ènìyàn máa jẹ lẹ máa kó májèlé sí lára."

Ẹnìkejì mi rẹ́rìn-ín. "Ìgbín dà, ọ̀rẹ́? Ó fò wá, ó tún fò lọ?"

Ọmọbìnrin náà dá sí i láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn tó wà létí oko. "Ẹ má dá bọ̀ọ̀dá lóhùn. Tí ẹ bá ní omi tutù, wọ́n á ní ó gbóná."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò lè búra pé irọ́ ló pa. Mo fẹ́ kí ọkùnrin náà ṣìnà, mo fẹ́ ẹ gan-an, débi pé ẹ̀rù bà mí pé owú ló ń bá mi ka ewé náà. Mo bẹ ìyá kí a la ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí a dojú rẹ̀ bolẹ̀ láàárín ebè títí di àárọ̀, torí òru ni ìgbín ń jẹun, abẹ́ ohun tútù bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń sá sí bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ìyá ní, "Bí n kò bá rí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, mo máa fọ́n ẹ̀tù mi o."

Nígbà tí gbogbo wa padà dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a ṣí i, àwọn ìgbín kéékèèké rọ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú àwọn tí kò ní ìkarahun rárá, tí itọ́ wọn ń dán lórí ilẹ̀. Ìyá pàtẹ́wọ́. Ó gbé agolo ẹ̀tù kúrò nítòsí ṣọkọ, ó ní a ó máa fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó wọn títí wọn yóò fi tán.

Mo wojú ẹnìkejì mi bóyá màá rí ìtìjú. N kò rí i. Ó lọ sí ìdí ilá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọkọ, ó já ewé kan wá. Etí rẹ̀ ti di kọdọrọ-kọdọrọ, ìgbẹ́ dúdú sì wà lórí rẹ̀.

"Ilá ni mo kọ́kọ́ wò lánàá," ó ní. "Mo rò pé nǹkan kan náà ló ń jẹ méjèèjì. Ṣọkọ, ìwọ lo gbà á."

Òótọ́ ló sọ. Ọmọbìnrin náà gbé agolo mílíìkì òfìfo, àwọn méjèèjì jọ ń ṣa kòkòrò lára ilá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jàre dúró ti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, itọ́ ìgbín ń fà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo ń lọ, ọmọbìnrin náà sìn mí dé ojú irin. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ mọ ohun tó jẹ ewé láìrí i níbẹ̀. Ohun tó ń gbé yín wá sílé wa, ṣé èmi ni kí n máa wá ìdí rẹ̀?"

Mo ní ó dàbọ̀, mo sọdá ojú irin. Ìyá ti ní kí àwa méjèèjì padà wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, láti wo ebè tuntun. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé kí n bá ọmọbìnrin náà sọ ọ́ fúnra mi kí ọjọ́ náà tó pé, àbí kí n rán ẹ̀gbọ́n bàbá mi sí ìyá rẹ̀? Bí ẹ bá sì mọ bí ènìyàn ṣe ń mọ ìfẹ́ yàtọ̀ sí owú lásán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi.