Páálí Tí Wọn Ò Jẹ́ Ká Fagi Lé

Inú ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ní Ìdí-Ìrókò, níbi tí mo ti ń bá wọn ta ìrẹsì, ni mo ti gba ohùn mi sílẹ̀ sínú fóònù, tí mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó wà ní Ayétòrò lọ́dọ̀ Màmá, ìdánwò àtiwọ yunifásítì rẹ̀ sì ti ń sún mọ́lé.

Mo ní: “Nóòtì rẹ ti pọ̀ jù. Ka àkòrí kan, pa ìwé dé, kí o kọ ohun tí o bá rántí. Lẹ́yìn náà, ṣí ìwé, fi bírò pupa kọ ohun tí o gbàgbé. Pupa yẹn nìkan ni kí o kó sórí páálí. Ohun tí o ti mọ̀, fi sílẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, tún bi ara rẹ léèrè. Èyí tí o bá ti rántí dáadáa, fagi lé e. Bó ṣe máa kéré nìyẹn.”

Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ka tèmi, mo sì yege. Màmá ló ní kí n má tíì wọ yunifásítì, kí n dúró kí àbúrò mi parí sẹ́kọ́ńdìrì, kí n lọ bá àǹtí tajà. Mo ṣì wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi ya fọ́tò páálí rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ti da odindi nóòtì bàọ́lọ́jì kọ sí i, lẹ́tà wínníwínní bí èèrà, kò yọ nǹkan kan kúrò. Ó ní Màmá ti gbé páálí náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti gbàdúrà sí i, wọ́n ti ta òróró sí i.

Mo pe Màmá kíá. “Màmá, lẹ́tà ló kéré, ìwé ò dín kù. Ẹ jẹ́ kó fagi lé èyí tó ti mọ̀.”

“Páálí tí wọ́n ti ta òróró sí? Kó fagi lé e? Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n kà, tó o yege, ibo ló gbé ẹ dé?”

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun, ó ṣì ń dùn mí.

Àbúrò mi ò fagi lé nǹkan kan. Láti òkè páálí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, á sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé àárín, débi pé ìsàlẹ̀, níbi tí ohun tó le jù wà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á rí. Nígbà tí èsì dé, kò sún mọ́ ohun tí yunifásítì ń béèrè.

Màmá ló kọ́kọ́ pè mí. Wọ́n ń sunkún. “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí o ò wá sílé wá jókòó tì í?”

Oníbàárà kan ń dúró dè mí, mo ti bu ìrẹsì dé ìdajì kóńgò.

“Màmá,” mo ní, “ẹ bi mí nígbà yẹn pé ibo ló gbé mi dé. Ibi tí ẹ ní kí n lọ náà ni mo wà.”