Ìwé Tí N Kò Rí Rí

Mo jẹ́ olùtọ́jú ilé-ìkàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fẹ́ ṣe ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń di iṣu mọ́ àká ní Ayédé, mo sì ń bá a ṣe àkójọ ìwé tí yóò kà: orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé, ohun tó wà nínú ìwé àti ìwúlò rẹ̀.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí n kò rí. Ìwé mẹ́ta tí mo kà tọ́ka sí i, ni mo bá fojú inú kọ àlàyé rẹ̀: “Ó ṣàlàyé okùn dáadáa ní ojú ewé kẹtàdínláàádọ́ta, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba àwọn obìnrin.” Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, mo sì mọ̀.

Ọmọ náà ní òun fẹ́ rí ìwé ọ̀hún. Ojú tì mí, la bá lọ bá òǹkọ̀wé rẹ̀ ní Ìpáò, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ka ohun tí mo kọ, ó tún un kà.

“N kò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde,” ló wí. “Àkọlé nìkan ni mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan. Ṣe ni àwọn yòókù ń wò ó kọ lára ara wọn.”

Ó fa ìwé àfọwọ́kọ kan yọ nínú àpótí, mo ṣí i. Okùn ló wà ní ojú ewé kẹtàdínláàádọ́ta. Kò sí obìnrin kankan nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, òfìfo ni gbogbo ewé tó kù.

Baba náà kọjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ó ti pẹ́ tí n kò ti mọ ohun tó kàn. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, kí ni mo kọ tẹ̀lé e?”