Àmín Kì Í Ṣe Èsì

Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní Adéníji Adélé tí mo fẹ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ wa ni ká máa bá àwọn oníbàárà gba ẹrù wọn ní èbúté, oníbàárà sì mọ bí a ṣe ń dákẹ́. O béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ètò yìí la fi ń ṣọ́ wọn. Bí mo bá ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹnì kan, màá tẹ aago kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá sì yan àsìkò tí mo fẹ́ kó rán mi létí. Bí onítọ̀hún bá fèsì kí àsìkò náà tó pé, aago á pa ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á sì kúrò láàárín àwọn tí à ń retí. Bó bá dákẹ́, agogo á dún, orúkọ rẹ̀ á gòkè wá ní pupa. Èmi tí mo máa ń gbàgbé ibi tí mo gbé jígí ojú mi sí wá di ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan kan mọ́. Mo ń fi yangàn, kí n má purọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ kan nígbà òjò, mo lo ètò yìí fún ilé wa.

Ilé wa ní Ẹnu Ọ̀wá dàgbà ju gbogbo àwa tí à ń gbé inú rẹ̀ lọ. Yàrá márùn-ún ló wà lẹ́yìn, àgbàlá ló pín wọn níyà sí ti iwájú. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Tiwa ti lanu débi pé aláǹgbá àti gbogbo ẹbí rẹ̀ lè wọlé láìforí balẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹbí, èmi ni mo wá ẹnjiníà. Ìrun ọ̀sán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán lọ́jọ́ náà nígbà tó pè mí. Ó ní òun gba ọgbà aládùúgbò wo ògiri náà láti ẹ̀yìn, pé ó ti ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti pé kí òjò tó ń ṣú yìí má bá ẹnikẹ́ni nínú yàrá márààrún yẹn.

Àyà mi já. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n oníbàárà mẹ́ta ló jókòó síwájú mi, ọ̀gá mi sì ń wò mí. Ni mo bá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo fi ránṣẹ́ sí ẹni márùn-ún tó ni yàrá: “Ẹ jọ̀wọ́, ògiri ẹ̀yìn lè wó nígbàkigbà. Ẹ jáde kúrò ní yàrá yín báyìí, ẹ bọ́ síwájú. Tí ẹ bá ti jáde, ẹ fèsì. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa o.” Mo tẹ aago, mo yan ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà tó pé, orúkọ mẹ́rin ti kúrò. Agogo wá dún fún ẹnì kan tó kù: bọ̀ọ̀dá mi kan tó jẹ́ télọ̀.

Mo pè é, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo tún pè. Ojú ọ̀run ti dúdú, atẹ́gùn ń gbá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa. Mo mọ̀ ọ́n, kò lè fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀ láyé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lójú inú mi níbi tó ti ń tiraka láti gbé e gba ẹnu ọ̀nà, tí ògiri ń bọ̀ lórí rẹ̀. Agogo náà ń dún ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orúkọ rẹ̀ pupa bí ata. Nǹkan bí wákàtí kan ni mo fi wá ẹnì kan ṣoṣo yìí, tí mi ò sì ronú kan àwọn mẹ́rin tó kù rárá, torí wọ́n ti fèsì.

Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ló pè mí nígbẹ̀yìn. Bọ̀ọ̀dá mi ni.

“Mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù l'Ápọ́ngbọ̀n tipẹ́, èmi àti mọṣíìnì mi. Mo rí mẹ́sééjì ẹ, bátìrì ló kú kí n tó fèsì. Fóònù ẹlòmíì nìyí.”

Mo ní alihamudulilai. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

“Ìyá Àgbà ńkọ́?” ló wí. “Mo kan ilẹ̀kùn wọn nígbà tí mo ń kó jáde, wọn ò dáhùn. Mo rò pé wọ́n ti jáde. Àmọ́ rédíò wọn ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú ilé.”

Ìyá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, wọn kì í sì í pa rédíò tí wọ́n bá wà nílé. Mo ṣí ibi ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn ló kọ́kọ́ fèsì nínú àwọn márààrún, kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí mo fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Àwòrán kékeré kan ni wọ́n fi ránṣẹ́, èyí tí ọmọ-ọmọ wọn kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni: “Àmín.”

Ètò náà kì í kàwé. Ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ ẹni yẹn wá, èsì ni lójú rẹ̀. Èmi tí mo mọ̀wé kà, mi ò wò ó. Èmi náà ni mo sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀: gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí wọn, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń tẹ Àmín.

Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sáré láti Adéníji Adélé dé Ẹnu Ọ̀wá nínú òjò, mò ń pè wọ́n, ó ń dún, wọn ò gbé e. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ní irú rẹ̀ nínú kó sì máa sáré. Mo gba àgbàlá kọjá, mo ti ilẹ̀kùn. Wọ́n wà lórí ẹní ìkírun, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ẹ̀yìn wọn sí ògiri.

“O ti tibi iṣẹ́ dé? Kí ló ń lé ẹ?”

“Ẹ dìde, Ìyá Àgbà! Ṣé ẹ ò rí mẹ́sééjì mi ni?”

“Mo rí i. Ṣebí mo ṣe àmín.”

Mo dì wọ́n lápá. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn mú búùtà àwọn. Mo jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, èmi tí mi ò gbóhùn sókè sí wọn rí láyé mi. Wọ́n wò mí, wọ́n sì tẹ̀ lé mi.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ní pálọ̀ iwájú ni ó dún gbì. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Eruku pupa bo àgbàlá nínú òjò, mi ò sì gbọ́ rédíò mọ́.

Mo kúnlẹ̀, mò ń bẹ Ìyá Àgbà, mi ò mọ̀ bóyá nítorí igbe tí mo ké ni tàbí nítorí aago kékeré yẹn.

Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orúkọ bọ̀ọ̀dá mi ṣì wà lókè ní pupa, torí orí fóònù ẹlòmíràn ló ti pè mí. Mi ò rí ti Ìyá Àgbà níbẹ̀. Mo fọwọ́ ara mi pa orúkọ bọ̀ọ̀dá mi rẹ́. Títí dòní, bí ẹnì kan bá tètè dá mi lóhùn, àyà mi ṣì máa ń já.

Jímọ̀ ni ọjọ́ náà. Nígbà tí mo délé, fóònù Ìyá Àgbà ti kún fún àdúrà láti ọ̀dọ̀ tẹbí tọ̀rẹ́. Wọn ò tíì tẹ Àmín sí ìkankan. Wọ́n na fóònù náà sí mi.

“Kà á fún mi,” ni wọ́n wí. “Kà á dé ìparí, kí n tó ṣe àmín.”