Itọ́ Funfun

Láràárọ̀, bí mo bá ti fọ eyín, ẹ̀jẹ̀ ni mo ń tu. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, nínú ilé ògbólógbòó tí a háyà ní àdúgbò Bertrams. Ọkọ mi á dúró sẹ́yìn mi, sìgá lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ta lo gé jẹ lónìí?"

Á wá run orín díẹ̀, á tutọ́, á ní kí n wò ó, funfun báláú. Òun rò pé ẹ̀rín ni. Ìyá mi kò tíì darúgbó tí eyín fi tán lẹ́nu rẹ̀, kò lè jẹ ju ẹ̀kọ lọ. Èmi náà ti ń rí ara mi pẹ̀lú ẹ̀kọ. Bí mo bá ń fọ eyín, mo wá ń yẹra fún ìhà tó ń ṣẹ̀jẹ̀, bí mo bá sì ti ń yẹra fún un tó, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀ sí i.

Nígbà tí àyà mi ò gbà á mọ́, mo lọ bá dókítà eléyín kan ní Mayfair, àdúgbò mìíràn nínú ìlú wa, ìyá àgbàlagbà kan. Ọkọ mi sìn mí lọ, ó ní òun fẹ́ wòran. Dókítà ki ọ̀pá irin tín-ín-rín tí wọ́n fàlà sí lára bọ àárín eyín mi àti ẹran ìdí rẹ̀. Kò wọlé jìnnà. Ó ní ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ló ń jẹ́ kí ẹran náà wú, kó pọ́n, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀ bí búrọ́ṣì bá kàn án. Egungun tó di eyín mú ṣì pé. Òun á ha ìdọ̀tí náà kúrò, kí èmi náà rọra máa fọ ibi tí mò ń sá fún gan-an, á san.

Inú mi dùn débi pé mo ní, "Dókítà, ẹ bá mi wo ọkọ mi, kì í tu ẹ̀jẹ̀!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ọ̀pá náà wọlé, ó ń wọlé ṣáá. Dókítà fi ìka ti eyín iwájú kan, eyín náà mì. Nínú fọ́tò tí wọ́n yà, àrùn ti jẹ egungun lọ sísàlẹ̀ yíká gbòǹgbò eyín.

"Ṣé ẹ ń mu sìgá?"

Ọkọ mi fọwọ́ bo páálí sìgá tó wà nínú àpò rẹ̀.

Dókítà ní sìgá kì í jẹ́ kí irú ẹran bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, ó ń bo àrùn mọ́lẹ̀ ni. Egungun tó ti lọ kò ní hù padà fúnra rẹ̀. Àmọ́ bí òun bá fọ abẹ́ ẹran náà, tí ọkọ mi náà sì jáwọ́ nínú sìgá, èyí tó kù lè dúró.

Láìpẹ́, ẹ̀jẹ̀ tèmi dá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi run orín, ó tutọ́. Kò pè mí wá wò ó. Mo wò ó fúnra mi: funfun báláú, òórùn sìgá sì gba gbogbo ilé ìwẹ̀ náà. Ẹ̀rù tí kò bà mí rí nígbà tí mò ń tu ẹ̀jẹ̀ ló bà mí. Mo bú sẹ́kún.