Bí Àbúrò Mi Ṣe Wádìí Ilé-iṣẹ́ Oúnjẹ Adìyẹ

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì wa sílẹ̀ nígbà tí lẹ́tà kan dé fún àbúrò mi obìnrin nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ n'Íbàdàn ló pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ. Tíṣà ni mí, mo sì rò pé mo mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Mo ní kó tún ìwé tó kà ní yunifásítì yẹ̀ wò.

"Mo ti ṣe ìyẹn, bọ̀ọ̀dá mi," ló fèsì. "Àwọn fúnra wọn ni mo fẹ́ mọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, àwọn ni wọ́n fẹ́ yẹ òun wò.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nílùú wa, ó ń tú ìwé ìròyìn àtijọ́. Ó rí i kà pé ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ ṣí ibùdó ìkẹ́rùsí sí Àkúrẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọ déètì ìwé ìròyìn náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ka ara àpò oúnjẹ adìyẹ wọn láti òkè délẹ̀. Ohun tí kò bá yé e, ojú ewé ọ̀tọ̀ ló ń kọ ọ́ sí.

Nígbà tó di Sátidé, ó ní kí n sin òun lọ sí Ẹmùré, lọ́dọ̀ màmá kan tó ń ta oúnjẹ náà, tó sì ń sin adìyẹ.

"Ẹ wọ inú ulé," ni màmá náà wí. Ó yin oúnjẹ ilé-iṣẹ́ náà pé àwọn adìyẹ òun ń yé ẹyin dáadáa tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́. "Àmọ́ tí òjò bá ti ń rọ̀, nǹkan funfun á ti hù sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ mi."

"Ibùdó Àkúrẹ́ ńkọ́, mà?"

"Ibùdó wo? Wọn ò ṣí i. Ìbàdàn ló ṣì ti ń wá."

Nínú takisí, mo bi àbúrò mi bóyá yóò lọ sọ fún wọn pé oúnjẹ wọn ń bàjẹ́.

"Èmi kọ́, bọ̀ọ̀dá mi. Màá béèrè ni."

Bó ṣe ròyìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà fún wa nígbà tó ti Ìbàdàn dé nìyí. Wọ́n ní kí ó sọ ohun tó mọ̀ nípa wọn. Kò ka gbogbo ohun tó kọ. Ó sọ ohun tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí màmá náà fẹ́ràn nínú rẹ̀, ó wá so ó mọ́ ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ nípa títọ́jú oúnjẹ ẹran. Nígbà tí wọ́n ní kí òun náà béèrè ọ̀rọ̀, ó béèrè bí ọjà wọn ṣe ń dé ìlú tó jìnnà nígbà òjò. Ọ̀gá kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ gbórí sókè.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo lọ bá ẹni tó ń tà á, sà."

Iṣẹ́ inú ọ́fíìsì ló kọ̀wé fún. Lẹ́tà tó dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní kó wá máa bẹ àwọn tó ń ta ọjà wọn wò káàkiri Èkìtì àti Oǹdó. Inú mi dùn, ojú sì tì mí díẹ̀: mo ti ṣe tíṣà nílé-ìwé mẹ́ta, mi ò sì béèrè nǹkan kan nípa ìkankan nínú wọn kí n tó wọlé.